Iyọ̀ tí wọ́n ní kì í kùtà ti jókòó sórí àtẹ màmá mi

Ọmọ-Alátẹ

Ẹ kú ọjà o, ẹ̀yin èèyàn mi. Olùkọ́ ìmọ̀ ọrọ̀-ajé wa ní bí owó iyọ̀ bá lé, iye tí àwọn èèyàn ń rà kì í fi bẹ́ẹ̀ dínkù, pé ọkọ̀ bọ̀gìnnì ló máa ń kùtà bí owó bá gorí ẹ̀. Mo sọ ọ́ fún màmá mi, wọ́n sì fi ₦50 lé ọ̀rá iyọ̀ kọ̀ọ̀kan. Iyọ̀ bá jókòó. Ṣé ẹ̀kọ́ yẹn ò bá ọjà tiwa mu ni?

Bàbá-Ṣọlá

Ọ̀rọ̀ yìí ò le rárá. Iyọ̀ ò wọ́n, ìdí abájọ nìyẹn. Ta ló máa jókòó ti ₦50? Ohun tí kò bá wọ́n, ẹ lè fowó lé e títí, èèyàn á ṣì rà á. Ohun tó bá ti wọ́n tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá tún fowó kún un, àwọn èèyàn á sá. Ọkọ̀ wọ́n, iyọ̀ ò wọ́n, ó parí. Bóyá oṣù ló ti lọ jìnnà tí owó ò sí lọ́wọ́ àwọn oníbàárà màmá ẹ. Ní sùúrù.

Ìyá-Ìbejì-Bódìjà

Bàbá Ṣọlá, ẹ rọra o. Mò ń ta bísíkíìtì lórí àtẹ tí mo fi ń ta iyọ̀. Bísíkíìtì náà ò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ₦50 lé e lónìí, àwọn ọmọ iléèwé á kàn wò mí lójú, wọ́n á sì kọjá lọ ra gúgúrú. Kí ni àìwọ́n rẹ̀ wá ṣe fún mi?

Ọmọ mi, dá mi lóhùn kí n tó sọ tèmi. Ṣé gbogbo àtẹ tó yí màmá ẹ ká ló fowó lé iyọ̀, àbí àwọn nìkan ló dá a ṣe? Èló ni wọ́n ń rà á wálé? Ọ̀rá mélòó ni wọ́n ń tà lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀, mélòó ni wọ́n ń tà báyìí?

Ọmọ-Alátẹ

Ẹ ṣé mà. Àwọn nìkan ni. ₦350 ni wọ́n ń ra ọ̀rá kan, ₦400 ni wọ́n sì ń tà á tẹ́lẹ̀. Nígbà yẹn, ó máa ń tó 40 ọ̀rá lọ́sẹ̀. Láti ìgbà tó ti di ₦450, kò ju 22 lọ mọ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n-Kékeré

Olùkọ́ rẹ ò parọ́, ọjà náà ò sì parọ́. Iyọ̀ tí olùkọ́ ń sọ ni gbogbo iyọ̀ tó wà lọ́jà lápapọ̀. Iyọ̀ tí màmá rẹ fowó lé ni ti orí àtẹ kan ṣoṣo. Bí iyọ̀ bá wọ́n níbi gbogbo, ibo ni ìyàwó ilé fẹ́ sá sí? Mágì ní iyọ̀ nínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi Mágì nìkan ṣe iṣẹ́ iyọ̀ á náwó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ bó bá jẹ́ àtẹ màmá rẹ nìkan ló wọ́n, ibi tí yóò sá sí ò ju àtẹ kejì lọ. Iyọ̀ tó máa bá níbẹ̀ kò sì yàtọ̀. Láti nǹkan bí 1993 ni wọ́n ti ń fi áyódíìnì sí iyọ̀ tí à ń jẹ nílé ní Nàìjíríà, orúkọ tó wà lára ọ̀rá ni ìyàtọ̀ tó pọ̀ jù láàrin ti ilé-iṣẹ́ kan àti òmíràn.

Jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó, nítorí o ti kó iye rẹ̀ wá. Ohun tí à ń wá ni bí ìrajà ṣe dínkù nínú ọgọ́rùn-ún, ká wá fi bí owó ṣe lé nínú ọgọ́rùn-ún pín in. ₦50 lórí ₦400 jẹ́ 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti 40 sí 22, ọ̀rá 18 ló sọnù, ìyẹn 45 nínú ọgọ́rùn-ún.

45 ÷ 12.5 = 3.6

Èsì yìí ni wọ́n ń pè ní ẹlasítísítì. Bó bá ti ju 1 lọ, àwọn òǹrajà ń sá ju bí owó ṣe ń gòkè lọ nìyẹn, 3.6 sì pọ̀ gan-an. Wàyí o, ká ní gbogbo àtẹ ọjà yẹn ló fi ₦50 lé iyọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan náà. Ká ní gbogbo wọn lápapọ̀ ń ta 1,000 ọ̀rá tẹ́lẹ̀, tó wá di 990. Ìdínkù 1 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, bí o bá sì fi 12.5 pín in, 0.08 ni. Èmi ni mo mú 1,000 yẹn wá láti ọkàn mi, ṣùgbọ́n iye tí àwọn ìwé ẹ̀kọ́ sábà máa ń kọ fún iyọ̀ kò jìnnà sí i, nǹkan bí 0.1 ni. Iyọ̀ kan náà, ₦50 kan náà, èsì méjì tó jìnnà síra bí ọ̀run àti ayé. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé ọjà kan "kì í kùtà bí owó bá lé", kó kọ́kọ́ sọ ọjà tí ó ń wò: ṣé iyọ̀ ni, ṣé iyọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ni, àbí iyọ̀ Ìyá Lágbájá.

Ìyá-Ìbejì-Bódìjà

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn, àfi pé ẹ̀yin fi ìṣirò sọ ọ́. Àwa tó wà lọ́jà mọ̀ ọ́n láìṣírò. Kò sí ẹni tó ń dá iyọ̀ gbé sókè. Ọjọ́ tí ẹni tó ń kó o wá fún wa bá ti fowó lé e, a ti gbọ́ lórí fóònù kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo àtẹ á sì gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Oníbàárà á kùn, á ní "ìlú yìí ti bàjẹ́", á sanwó, á gbé iyọ̀ rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń padà sílé láìra iyọ̀.

Bàbá-Ṣọlá

Mo ṣáà sọ bẹ́ẹ̀. Ó kùn, ó sì rà á, torí kò wọ́n. Ọ̀rọ̀ tèmi ò yẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n-Kékeré

Bàbá Ṣọlá, ìdajì ọ̀rọ̀ yín dúró, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ yín. Iye tí nǹkan ń kó nínú owó ilé ṣe pàtàkì. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ iyọ̀ tó gíráàmù 5 lójúmọ́. Ká fi 5 yẹn ṣírò fún ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà: gíráàmù 30 lójúmọ́, 900 lóṣù, kò tó kílò kan. Bí owó kílò iyọ̀ bá di ìlọ́po méjì lọ́la, ohun tó máa kún ìnáwó oṣù ilé náà ò tó owó ìgò epo pupa kan. Ìyàwó ilé á bínú, ṣùgbọ́n kò ní jókòó ṣètò tuntun nítorí rẹ̀. Ìrẹsì ló máa jẹ́ kó jókòó ṣètò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti kù díẹ̀ káàtó ni bísíkíìtì Ìyá Ìbejì. Bísíkíìtì ò wọ́n, ṣùgbọ́n gúgúrú wà, ẹ̀pà wà, ọmọ náà sì lè jẹun nílé kó má ra nǹkankan. Iyọ̀ ò ní irú àwọn bẹ́ẹ̀. Nǹkan kejì tún wà tí àwọn èèyàn kì í rántí: ẹ dín owó iyọ̀ kù sí ìdajì, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan máa fi ṣíbí méjì sí ọbẹ̀ tó ń fi ẹyọ kan sí. Ahọ́n ò ní gbà. Nítorí náà owó lọ sókè ni o, owó wálẹ̀ ni o, iye iyọ̀ tí ilé kan ń jẹ lóṣù ò ní fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà.

Àwọn ọba àti ìjọba ayé àtijọ́ mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn láti bu owó orí lé iyọ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, owó orí iyọ̀ wà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí wọ́n tó pa á rẹ́ ní 1790. Ní Íńdíà, òun ni Gandhi fi ẹsẹ̀ rìn dé etí òkun ní Dandi ní 1930 láti tako, tó lọ bu iyọ̀ létí òkun níbẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kẹrin. Èèyàn ò lè torí owó orí fi iyọ̀ sílẹ̀, owó náà á wọlé ṣáá. Tálákà ló sì ń dùn jù, torí ẹnu rẹ̀ àti ti olówó ń jẹ iye iyọ̀ kan náà.

Ọmọ-Alátẹ, kí n padà sọ́dọ̀ rẹ, ohun kan wà nínú iye tí o kọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn. Tẹ́lẹ̀, 40 ọ̀rá ní ₦400, ₦16,000 ló ń wọlé lọ́sẹ̀. Báyìí, 22 ní ₦450, ₦9,900 ni. Owó tó ń wọlé já wálẹ̀ burúkú. Ṣùgbọ́n wo èrè. Tẹ́lẹ̀, èrè orí ọ̀rá kan jẹ́ ₦50, ìgbà 40, ₦2,000. Báyìí, èrè orí ọ̀rá kan jẹ́ ₦100, ìgbà 22, ₦2,200. Iyọ̀ jókòó lóòótọ́, èrè iyọ̀ ò dínkù. Ó tiẹ̀ fi ₦200 lé sí i.

Ọmọ-Alátẹ

Háà! Ẹ jẹ́ kí n lọ fi èyí han màmá mi. Wọ́n ti ń fi ojú burúkú wò mí látọjọ́ yìí.

Ìyá-Ìbejì-Bódìjà

Má tíì sáré lọ o, ọmọ mi. Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìṣirò yín dára, ṣùgbọ́n inú ìwé lẹ ti ṣe é. Oníbàárà tó wá ra iyọ̀ lọ́wọ́ mi kì í ra iyọ̀ nìkan. Á ra Mágì, á ra tòmátò inú agolo, á bu ẹ̀wà kóńgò kan, nígbà mìíràn ọ̀rá ọṣẹ ìfọṣọ. Iyọ̀ ni gbogbo wọn mọ iye rẹ̀ sórí. Bó bá béèrè iyọ̀ lọ́wọ́ mi tó gbọ́ pé mo fi ₦50 lé tèmi ju ti ẹnìkejì mi lọ, á gbà pé gbogbo ọjà mi ló wọ́n. Ọ̀rá 18 tó lọ yẹn, ẹ ò lè rí i nínú èrè iyọ̀, inú ẹ̀wà lẹ ti máa rí i. Lórí àtẹ tèmi, èrè kékeré ni mò ń jẹ lórí iyọ̀, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ ni mo fi ń pe oníbàárà, ẹ̀wà ni mo fi ń jẹun.

Ọmọ mi, béèrè lọ́wọ́ màmá ẹ bóyá Mágì àti tòmátò náà ti ń falẹ̀ láti ìgbà yẹn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n-Kékeré

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ìṣirò ₦2,200 yẹn kò ka ẹ̀wà mọ́ ọn. Bí àwọn 18 yẹn bá ń fi èrè ₦20 péré sílẹ̀ lórí ọjà mìíràn nígbà kọ̀ọ̀kan, ₦360 ti lọ, àǹfààní ₦200 ti wọmi.

Ọmọ-Ìlọrin-ní-Jọ́ọ̀sì

Ẹ̀yin ń sọ pé bí owó iyọ̀ bá lé, ìrajà á dúró tàbí kó dínkù díẹ̀. Mo fẹ́ tako yín. Ní oṣù kẹjọ 2014, nígbà àrùn Ẹ̀bólà, ojú mi báyìí ni owó iyọ̀ ṣe ń lé láàárọ̀, táwọn èèyàn sì ń du ún. Bó ṣe ń wọ́n ni wọ́n ń rà á sí i! Ẹni tó ń ra ọ̀rá kan ń ra àpò. Ẹlasítísítì wo lẹ fẹ́ pe ìyẹn? Iyọ̀ ò tẹ̀lé òfin kankan.

Tòkunbọ̀-Bágà

Ha ha, mo rántí o. Wọ́n pe ìyàwó mi láago lóru, wọ́n ní kí gbogbo ilé fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́, pé Ẹ̀bólà ò ní mú wọn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n-Kékeré

Ẹ má fi rẹ́rìn-ín púpọ̀, àwọn kan mu omi iyọ̀ yẹn, wọ́n sì kú. Àjọ ìlera àgbáyé fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lóṣù yẹn pé ó kéré tán, èèyàn méjì ló kú ní Nàìjíríà nítorí rẹ̀.

Ará Jọ́ọ̀sì, owó kọ́ ló mú kí wọ́n rà á. Àhesọ ló dé lóru, gbogbo èèyàn jí pẹ̀lú ìdí tuntun láti ra iyọ̀, wọ́n ya wọ ọjà, owó wá tẹ̀ lé wọn gòkè. Ìrajà ló ṣáájú, owó ló tẹ̀ lé e. Ohun tí à ń wọ̀n nínú ẹlasítísítì ni òdì-kejì rẹ̀: owó ló kọ́kọ́ mì, gbogbo nǹkan yòókù dúró síbi tí wọ́n wà, a wá wo ohun tí òǹrajà ṣe. Bí o bá kó owó àti ìrajà ọ̀sẹ̀ yẹn sínú ìṣirò tí mo ṣe lókè, wàá rí èsì kan, ṣùgbọ́n kò ní sọ nǹkankan fún ẹ nípa iyọ̀. Ìbẹ̀rù ni ò ń wọ̀n.

Ọmọ-Ìlọrin-ní-Jọ́ọ̀sì

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n òǹrajà ò mọ èwo ló ṣáájú. Ó kàn rí i pé iyọ̀ wọ́n, ó sì rà á.

Tòkunbọ̀-Bágà

Ẹ fi iyọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ẹ wá gbọ́ tọkọ̀, torí ọkọ̀ ni mo fi ń bọ́ ọmọ. Gbogbo yín ń sọ ọ́ bíi pé bí jíìpù bá ti wọ́n, olówó á kàn ní òun ò rà mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olówó ò ṣíwọ́, ó ń sún un síwájú ni.

Ẹ wo oníbàárà mi kan. Gbogbo ọdún mẹ́ta ló máa ń pààrọ̀ jíìpù. Nígbà tí owó gòkè, ó pè mí, ó ní kí n bá òun wá ẹni tó máa tún aṣọ ìjókòó ṣe, kó kun ara ọkọ̀, kó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti táyà. Ó ná owó kékeré, ọkọ̀ náà padà dà bí tuntun, ó sì fi ọdún méjì kún un. Kò yẹ̀ sídìí ọkọ̀ mìíràn, kò sì bọ́ sílẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn. Ọkọ̀ tó ní tẹ́lẹ̀ ló bá ọkọ̀ tuntun jà, ó sì borí rẹ̀. Iyọ̀ tí o lò lánàá ti tán nínú ọbẹ̀, o ò lè lò ó lẹ́ẹ̀kejì. Jíìpù tó o rà lọ́dún 3 sẹ́yìn ṣì wà níta.

Èkejì, àlòkù wà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ gbé owó ibodè ọkọ̀ tuntun dé 70 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2014, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kí á máa to ọkọ̀ jọ nílé, ṣé àwọn èèyàn ṣíwọ́ ọkọ̀ gígùn ni? Wọ́n kọjú sí tòkunbọ̀. Ọkọ̀ ń sọ̀ ní Kútọnu, ó ń gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé láti oṣù kìn-ín-ní 2017, wọ́n fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnu ibodè ilẹ̀ wọlé pátápátá. Ẹni tó bá ka iye ọkọ̀ tuntun tí wọ́n tà nìkan á ní ìrajà ti kú. Ẹni tó bá dúró sí Bágà bíi tèmi mọ̀ pé ibòmíràn ló gbà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n-Kékeré

Òwò yín ti kọ́ yín ju ìwé lọ. Ohun tí ẹ sọ yìí náà ni ó ń jẹ́ kí èsì yàtọ̀ bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́. Nínú oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí owó bá lé, ìrajà ọkọ̀ lè wálẹ̀ gan-an nítorí gbogbo èèyàn ń tún ti tẹ́lẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn ọdún méjì mẹ́ta, ọkọ̀ àtijọ́ á gbó, àwọn kan á padà wá ra tuntun ní owó tó wà nílẹ̀. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n ní oṣù kẹta àti ẹni tó bá wọ̀n ọ́n ní ọdún kẹta ò ní bára wọn mu, irọ́ ò sì sí lẹ́nu ẹnì kankan nínú wọn.

Mo tún ní àríwísí kan sí bí olùkọ́ Ọmọ-Alátẹ ṣe gbé ẹ̀kọ́ náà kalẹ̀. Ó mú gbogbo iyọ̀, ó fi wé ẹ̀ka kékeré kan nínú ọkọ̀. Ìjà náà ò dọ́gba. Bó bá fẹ́ mú gbogbo iyọ̀, kó mú gbogbo ohun ìrìnnà, yóò sì rí i pé àwọn èèyàn ò lè sá fún ìrìnnà púpọ̀, torí iṣẹ́ ń dúró dè wọ́n. Bó bá fẹ́ mú mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ nìkan, kó mú iyọ̀ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo fi wé e. Èmi ṣì gbà pé iyọ̀ á dúró ju ọkọ̀ lọ, ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàrin wọn á kéré ju èyí tí wọ́n ń kọ sójú pátákó lọ.

Ará-Mayámì

Ẹ kú ìjíròrò o, láti Fúlórídà ni mo ti ń kọ èyí. Wọ́n dán ọ̀rọ̀ yìí wò níbí gan-an. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní 1991, ìjọba Amẹ́ríkà bu owó orí 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé àwọn nǹkan olówó: ọkọ̀ ilẹ̀ tó bá ju $30,000 lọ, ọkọ̀ ojú omi tó bá ju $100,000 lọ, ọkọ̀ òfuurufú aládàáni, góòlù àti aṣọ onírun. Wọ́n rò pé olówó á kàn sanwó ni. Olówó ò sanwó! Àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní ìpínlẹ̀ wa níbí ni wọ́n lé kúrò níbi iṣẹ́. Kò pé ọdún mẹ́ta tí ìjọba fi pa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ rẹ́ ní 1993, ti ọkọ̀ ilẹ̀ nìkan ló ń rá pálá lọ títí tó fi parí ní òpin 2002. Bí owó bá lé ọjà olówó, olówó á sá. Ẹ̀rí rèé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n-Kékeré

Ẹ̀rí náà dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó di ẹ̀rí. 10 yẹn kì í ṣe lórí gbogbo owó ọkọ̀, orí ohun tó bá lé lórí $30,000 ni. Ọkọ̀ $31,000, owó orí rẹ̀ $100 péré. Ọkọ̀ $40,000, $1,000 ni, ìyẹn 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀. Ta ló máa torí 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún fi ọkọ̀ sílẹ̀? Ọkọ̀ ojú omi $500,000 ló rí i, torí $40,000 ni tirẹ̀, ìyẹn 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá sì fẹ́ lè ra àlòkù, owó orí náà ò kàn án.

Ìkejì, ọrọ̀-ajé Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ti ń rọ̀ nígbà náà, láti oṣù keje 1990 títí wọ oṣù kẹta 1991. Àwọn tó ní owó nínú ìdókòwò ń padánù, ọ̀pọ̀ èèyàn ti di ọwọ́ wọn mú kí owó orí náà tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kí ló lé olówó: ṣé owó ọjà tó gòkè ni, àbí owó àpò rẹ̀ tó dínkù? Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Iyọ̀ ò bìkítà fún èyíkéyìí nínú méjèèjì: bí owó oṣù rẹ bá di ìlọ́po méjì, o ò ní jẹ iyọ̀ ìlọ́po méjì. Ọkọ̀ bọ̀gìnnì ń gbọ́ méjèèjì, mo sì rò pé ti owó àpò ló ń gbọ́ jù. Nígbà tí ìlú bá rọ̀ṣọ̀mù, jíìpù á tà bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ń gòkè.

Ará-Mayámì

Mi ò gbà tán. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi níbí mọ ọjọ́ tí tẹlifóònù wọn dákẹ́, wọ́n ní oṣù tí òfin yẹn bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ ò lè fi ọrọ̀-ajé tó rọ̀ bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n-Kékeré

Mi ò bò ó mọ́lẹ̀. Mo ní ẹ ò lè kó gbogbo ìdínkù náà lé owó orí lórí. Ọ̀nà kan tí èèyàn lè gbà yà wọ́n sọ́tọ̀ ni kó wo ọkọ̀ $28,000 àti ọkọ̀ $45,000 lọ́dún yẹn. Ọrọ̀-ajé tó rọ̀ kan méjèèjì, owó orí kan ẹyọ kan. Bí èyí tó kàn bá ṣubú ju ìkejì lọ, àfikún yẹn la lè ka sí ti owó orí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú èèyàn tó ń ra méjèèjì ò rí bákan náà.

Tòkunbọ̀-Bágà

Ẹ wá bá mi fi ọ̀nà yẹn yanjú tèmi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, nǹkan bí ₦470 ni dọ́là kan lọ́dọ̀ ìjọba. Kí oṣù kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,400. Ọkọ̀ tí mò ń tà fi dọ́là wọlé, owó rẹ̀ fò. Ní àkókò kan náà, oúnjẹ wọ́n, epo bẹntiróòlù wọ́n, owó tó kù sọ́wọ́ àwọn oníbàárà mi gbẹ. Ọjà dákẹ́. Èwo nínú méjèèjì ló lé wọn?

Ọ̀jọ̀gbọ́n-Kékeré

Méjèèjì mì pọ̀, ìyẹn ló mú un le. Ṣé ẹ ní oníbàárà tó ń gba owó oṣù rẹ̀ ní dọ́là? Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n sí i, àpò rẹ̀ ò sì gbẹ. Bó bá ṣì ń rà, á jẹ́ pé owó tàbí àpò ló lé àwọn yòókù, a ó sì máa wá ọ̀nà láti yà wọ́n.

Tòkunbọ̀-Bágà

Mo ní irú wọn. Àwọn náà ò rà! Ẹnì kan nínú wọn ní náírà á padà gbéra, pé òun á dúró. Òmíràn ní ẹnu ò ní gba òun láyè bí òun bá gbé jíìpù tuntun wọ àdúgbò nígbà tí ebi ń pa èèyàn. Ẹ kó ìyẹn sínú ìṣirò yín.

Ọ̀jọ̀gbọ́n-Kékeré

Ti àkọ́kọ́, mo lè kó o síbẹ̀: ẹni tó bá rò pé owó máa wálẹ̀ lọ́la kò ní rà lónìí, ọkọ̀ sì ṣeé sún síwájú bí ẹ ti sọ. Ti èkejì, mi ò mọ ibi tí mo lè kó o sí.

Bàbá-Ṣọlá

Ẹ rí i, kò sẹ́ni tí ẹnu àdúgbò ń dí lọ́wọ́ àtira iyọ̀. Torí pé kò wọ́n.

Ọmọ-Alátẹ

Màmá mi ka gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní Mágì falẹ̀ lóòótọ́, tòmátò ò yí padà. Wọ́n ti dá iyọ̀ padà sí ₦400, wọ́n ní kí n bi Ìyá Ìbejì: bí ẹni tó ń kó o wá bá fowó lé e, ṣé ọjọ́ náà gan-an lẹ máa ń gbé e sókè, àbí ẹ máa ń ta èyí tó wà nílẹ̀ ní owó àtijọ́ tán ná?

Ìyá-Ìbejì-Bódìjà

Ọjọ́ náà gan-an, ọmọ mi. Owó tí mo máa fi ra òmíràn ni mo fi ń ta èyí tó wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí màmá ẹ kọ́kọ́ wo àtẹ kejì kí wọ́n tó ya ẹnu.